Eré Ìdárayá fún Ẹni tí Ẹ̀jẹ̀ Ríru Rẹ̀ Kò Tíì Le

Bí wọ́n bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí nọ́ńbà òkè wà láàárín 140 sí 159, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wà láàárín 90 sí 99, ìpele àkọ́kọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà. Ní ìpele yìí, eré ìdárayá jẹ́ ara ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ déédéé lè rí i kí nọ́ńbà òkè fi bíi 5 sí 8 wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá ní ààlà tirẹ̀, èémí ènìyàn ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí ààlà náà wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Bí a bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, ọkàn á máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde sí i, nọ́ńbà òkè á sì gòkè. Lákòókò kan náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ á fẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nígbà tí ìrìn bá parí, àwọn iṣan náà ṣì máa ń wà ní fífẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìfúnpá á sì wà nísàlẹ̀ ju bó ṣe wà kí a tó jáde. Nítorí náà, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún dára ju kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù wíwúwo. Ẹni tó bá gbé irin ńlá, tàbí tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì, tó wá sé èémí mọ́nú, ẹran ara rẹ̀ á le gbagidi, á sì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Nọ́ńbà méjèèjì á jọ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀, ẹran ara nílò iṣẹ́ tó ń fún un lókun. Ohun tó bójú mu ni ẹrù fúyẹ́ tí ẹ lè gbé nígbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjẹ́ pé ẹ ń rún eyín. Ẹ mí jáde bí ẹ ti ń gbé e sókè, kí ẹ mí sínú bí ẹ ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ ààlà

Bí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kíkún, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ibi tó yẹ lẹ wà. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ yára sí i díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ ń sọ kí ẹ tó tún mí, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á lè yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220. Bí iye tó kù bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí ọkàn rẹ̀ máa lù ní bíi 64 sí 76 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n oògùn bíi atẹnólọ́ọ̀lù àti bisoprólọ́ọ̀lù máa ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń lò wọ́n kò gbọ́dọ̀ gbára lé kíkà yìí. Kó fi ọ̀rọ̀ sísọ dán ara rẹ̀ wò.

Kí ẹ tó jáde

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ má mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ sì kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ wọn ìfúnpá yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan láàárín.

| Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn | Ohun tí ẹ ó ṣe |
|---|---|
| Òkè kò tó 160, ìsàlẹ̀ kò tó 100 | Ẹ máa rìn bí ẹ ti ń rìn |
| Òkè 160 sí 179, tàbí ìsàlẹ̀ 100 sí 109 | Ìrìn jẹ́jẹ́ nìkan. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó fi kún un |
| Òkè 180 sókè, tàbí ìsàlẹ̀ 110 sókè | Ẹ má jáde. Ẹ sinmi, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà |

Bí nọ́ńbà bá ga tó ti ìlà ìkẹyìn yìí, tí àyà ń dunni, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ahọ́n ń lọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ká mú ìyá aránṣọ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 52. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 148 lórí 94, ó ń lo àmílódípììnì, dókítà sì ti ní ó lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló ń rìn lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí ó fi pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ìyẹn jẹ́ 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀.

Bí a bá yọ 52 kúrò nínú 220, 168 ló kù, nítorí náà ààlà tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 108 sí 128. Ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ó kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15: 27 sí 32 ló yẹ kó rí. Lórí òkè kan, ó ka 36, kò sì lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Kò dúró lójijì. Ó dẹ ẹsẹ̀ títí gbólóhùn fi padà sẹ́nu rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ àti márùn-ún tó kẹ́yìn, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, kò sì kà wọ́n mọ́ ìrìn náà. Ẹni tó bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, òòyì á sì kọ́ ọ, pàápàá bó bá ń lo oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó wọn ìfúnpá rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ó sì kó ìwé náà lọ fún dókítà. Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ ti wálẹ̀, dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n dín oògùn kù.

Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

- Ẹni tí àyà ti ń dùn rí, tàbí tí èémí máa ń kúrú bó bá gun àtẹ̀gùn
- Ẹni tó ti dákú rí, tàbí tí ọkàn rẹ̀ máa ń lù ségesège
- Ẹni tó ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí
- Ẹni tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì nígbà tí ìbátan náà kò tíì darúgbó
- Aláboyún
- Ẹni tó ti pẹ́ tó ti jókòó sójú kan, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù gbígbá

Lójú ọ̀nà, bí àyà bá ń fún yín, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ jókòó, ẹ ké sí ẹni tó wà nítòsí. Bí ìrora náà kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí bí apá kan bá rọ, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú ọdún

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ooru máa ń mú gan-an ní Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè pàdánù omi àti iyọ̀ ara kíákíá lásìkò yìí. Kó rìn kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀, kó sì bi dókítà léèrè iye omi tó yẹ kó mu. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá pọ̀, ẹ rìn nínú ilé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ 17 Oṣù Karùn-ún ni Ọjọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru Àgbáyé. Ẹ kọ nọ́ńbà yín ti ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àlámànàkì yín, kí ẹ lè fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.