Iye Tó Yẹ ní Fífi Pamọ́ Lóṣooṣù fún Owó Ilé àti Ìnáwó Ìgbéyàwó

Ní Ẹdẹ, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, owó ọdún kan gbáko ni onílé sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó jẹ́ pé lójoojúmọ́ tàbí lóṣooṣù ni owó ń wọlé fún ayálégbé, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ Pólì tàbí oníṣòwò Ọjà Tìmì. Ìṣirò tí ìwé yìí ń ṣàlàyé ni èyí tí ń fi iye tí yóò máa yọ sọ́tọ̀ lóṣù hàn án, bí ibi tí ó ń fi owó náà sí bá ń san èlé.

Ojú owó ni owó tí ènìyàn fi pamọ́ gan-an. Èlé sì ni èyí tí báńkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi lé e. Bí wọ́n bá da èlé oṣù kan pọ̀ mọ́ ojú owó, tí wọ́n sì ṣírò èlé oṣù kejì lórí gbogbo rẹ̀, èlé orí èlé nìyẹn. Ti ọdún ni èlé tí báńkì ń kéde, nítorí náà ó di dandan kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 12: ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yóò di ìdá 1 lóṣù, èyí tí í ṣe 0.01. Ìlànà ìṣirò náà nìyí:

```
P = F × i ÷ ((1 + i)^n − 1)
```

P dúró fún owó oṣooṣù, F fún iye tí wọ́n ń lépa, i fún èlé oṣù kan, n fún iye oṣù tó wà nílẹ̀.

Bí owó ilé bá jẹ́ ₦360,000, tí ọdún kan sì kù kí wọ́n san án, 1.01 tí wọ́n sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà 12 yóò fún wọn ní 1.126825, bí wọ́n bá yọ 1 kúrò, tí wọ́n sì fi 0.01 pín èyí tó kù, yóò di 12.6825. Bí wọ́n bá fi èyí pín ₦360,000, ₦28,386 ni owó oṣooṣù. Ẹni tí kò gba èlé kankan yóò máa fi ₦30,000 sílẹ̀. Ẹni tó ń dájọ́ lọ́dọ̀ alájọ yóò tilẹ̀ fi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ. Ìparí oṣù ni ìṣirò yìí ka ìfipamọ́ sí, nítorí náà ₦28,386 ni yóò wà nílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kìíní, ₦57,056 lẹ́yìn oṣù kejì, ₦86,012 lẹ́yìn oṣù kẹta.

Bí wọn kò bá rí nǹkan fi pamọ́ ní oṣù kẹrin, kì í ṣe pé kí wọ́n padà sí ₦28,386 ní oṣù karùn-ún bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ yóò ti di ₦86,872 pẹ̀lú èlé, yóò sì di bíi ₦94,070 bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ tó kù. ₦265,930 tó ṣẹ́ kù ni wọn yóò tún fi ìlànà náà pín, èyí tí yóò sọ owó oṣooṣù di bíi ₦32,095.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé iye owó ilé ti ọdún yìí ni wọ́n ń lépa, nígbà tí onílé ti ń palẹ̀ mọ́ láti fi kún un: bí ₦360,000 bá di ₦432,000, ₦34,063 ló yẹ láti oṣù kìíní, nítorí náà ó sàn kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni yíyọ owó lemọ́lemọ́, nítorí lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ẹni tó bá yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù nínú àkántì ìfowópamọ́ lè pàdánù èlé oṣù náà.

Ní ti ìgbéyàwó, ₦1,200,000 tí wọn yóò fi oṣù 24 kó jọ pẹ̀lú èlé kan náà ń béèrè ₦44,488 lóṣù. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni owó ilé, tí wọ́n ń san tán lọ́jọ́ kan, ọ̀tọ̀ sì ni owó ìgbéyàwó, tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀: gbọ̀ngàn àti aṣọ ẹbí máa ń gba owó sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé. Bí wọ́n bá nílò ₦300,000 nínú rẹ̀ ní ìparí ọdún kìíní, ìṣirò ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣe fún un: ₦23,655 lóṣù fún oṣù 12, pẹ̀lú ₦33,366 lóṣù fún ₦900,000 tó kù fún oṣù 24. Èyí túmọ̀ sí pé ₦57,021 ni wọn yóò máa fi pamọ́ ní ọdún kìíní kí ó tó wálẹ̀ sí ₦33,366 ní ọdún kejì.