Èlé Tí Wọ́n Pè, Èlé Tí Ẹ San

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn, gbé ìwé owó tó yá wá síwájú mi. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan lára àwọn ayánilówó tí ará ọjà ń pè ní gbọ́múlélántà ló ti yá a. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ₦3 péré ni èlé lórí ₦100 lóṣù. Kí ló dé tí owó yìí fi ń ni mí lára tó báyìí?"

Mo ka ìwé náà. ₦120,000 ni owó tó yá, oṣù mẹ́fà ló fi máa san án. Ẹni tó bá gbọ́ ₦3 lóṣù á sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá, á ní ₦36 ni lórí ₦100 lọ́dún. Ohun tí ìyá náà ti fi sọ́kàn nìyẹn.

Ẹ wá wo bó ṣe ń san án. Lóṣooṣù, ó ń dá ₦20,000 padà nínú ojú owó, ó sì ń fi èlé ₦3,600 lé e, ìyẹn ₦23,600. Èlé orí ₦120,000 ni ₦3,600 yìí. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ₦20,000 péré nínú ojú owó ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ èlé orí ₦120,000 ni wọ́n ṣì ń gbà. Owó tó ti dá padà ń bí èlé lọ. Èyí nìkan ti sọ ₦36 yẹn di nǹkan bíi ₦59 lọ́dún.

Kò tán síbẹ̀. Mo bi í pé, "Màmá, èló ló dé ọwọ́ yín gan-an?" Ó ní ₦114,000. Kí wọ́n tó ka owó fún un ni wọ́n ti yọ ₦3,600, wọ́n pè é ní owó fọ́ọ̀mù àti ìṣètò, wọ́n tún yọ ₦2,400 fún ìnṣọ́ránsì. Ó ń san gbèsè ₦120,000 tí kò fojú kàn rí. Tí a bá ka ₦114,000 tó gbà sí owó tó yá, èlé rẹ̀ lọ́dún di nǹkan bíi ₦79 lórí ₦100. Iye tó yá owó náà gan-an nìyẹn.

Ìnṣọ́ránsì yìí ló máa ń ru ọ̀pọ̀ lójú. Wọ́n á ní ààbò ni, kì í ṣe èlé. Lóòótọ́, bí ẹni tó yá owó bá kú, ìnṣọ́ránsì ló máa san gbèsè tó kù, kí wọ́n má baà dà á lé àwọn ọmọ lórí. Àmọ́ ayánilówó ni owó náà máa bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lè rí owó yá láìsan án, ara iye owó yíyá ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968 lórí sísọ òótọ́ nípa owó yíyá gbà bẹ́ẹ̀: ìnṣọ́ránsì tó bá jẹ́ dandan, inú iye èlé ọdún ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ bi wọ́n pé, "Bí mi ò bá gba ìnṣọ́ránsì yìí, ṣé ẹ máa yá mi?" Ìdáhùn wọn ló máa sọ ohun tó jẹ́.

Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè ṣe é fúnra rẹ̀. Mo kọ èyí fún ọmọ ìyá náà:

```
=RATE(6,-23600,114000)*12
```

6 ni iye ìgbà tó máa sanwó, 23600 ni owó oṣù kan, àmì ìyọkúrò sì wà níwájú rẹ̀ torí pé owó tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni. 114000 ni owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó máa gbé nǹkan bíi 0.79 jáde, ìyẹn ₦79 lórí ₦100. Bí ẹ bá fi 120000 síbẹ̀, 0.59 lẹ máa rí, ìnṣọ́ránsì àti owó fọ́ọ̀mù á sì ti sá pa mọ́.

Bí àkókò bá ṣe kúrú tó ni àyọkúrò náà ṣe máa ń dunni tó. Ká ní oṣù mẹ́ta ló fi yá owó kan náà, tí wọ́n sì yọ ₦6,000 kan náà, ₦43,600 ni yóò máa san lóṣù, èlé ọdún á sì gòkè dé nǹkan bíi ₦86. Ẹni tó bá wá ń san tán tó tún ń yá òmíràn, gbogbo ìgbà tó bá tún un yá ni wọ́n máa yọ owó fọ́ọ̀mù àti ìnṣọ́ránsì lákọ̀tun.

Àwọn àgbà máa ń pe olówó èlé ní sọgúndogójì. Ó kéré tán, orúkọ yẹn sọ iye tí owó ń di. ₦3 lóṣù kò sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan méjì sílẹ̀ fún yín: iye tó máa dé ọwọ́ yín, àti iye tí ẹ máa san nígbà kọ̀ọ̀kan.