Páìpù Gbígbóná Nínú Afẹ́fẹ́: Ìgbóná Wo Ni Ká Fi Ṣírò?

Ká sọ pé páìpù sítíìmù kan jáde láti ibi bọ́ílà ilé ìfọṣọ ńlá kan, ó gba ìta gbangba kọjá kó tó wọlé, wọn ò sì fi ohunkóhun wé e. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, ara rẹ̀ sì gbóná dé dígírì 127 Sẹ́líṣíọ̀sì. Afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 27 ń fẹ́ lù ú ní ìdábùú, ó ń sá mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí bọ́ílà náà fẹ́ mọ iye ooru tí afẹ́fẹ́ ń kó lọ lára mítà páìpù kan.

Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ kọlu páìpù, awọ afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́lẹ́, ooru sì ń tètè kọjá. Bó ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́ páìpù ká ni awọ náà ń nípọn sí i. Tó bá fi máa tó nǹkan bíi dígírì 80 sí ibi tó ti kọlù ú, ó ti já kúrò lára páìpù, ó sì ń yí bírí-bírí lẹ́yìn rẹ̀. Bírò àti ìwé lásán kò lè ṣírò gbogbo èyí tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì fa fọ́múlà yọ látinú ohun tí wọ́n rí.

Mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Hilpert gbé tirẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1933. Žukauskas ará Lithuania gbé tirẹ̀ jáde ní 1972, Churchill àti Bernstein sì tẹ̀ lé e ní 1977. Hilpert àti ti 1977 ń fẹ́ kí a wo ìwà afẹ́fẹ́ ní agbede méjì ìgbóná ara páìpù àti ti afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbóná awọ afẹ́fẹ́: 127 àti 27, ká pín in sí méjì, ó di 77. Ti Žukauskas yàtọ̀. Ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, ìyẹn 27, ló ń lò, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì ń mú ní ìgbóná ara páìpù láti fi ṣe àtúnṣe.

Fọ́múlà 1977 ló dára jù fún ẹni tí kò fẹ́ máa wá inú tábìlì kiri, nítorí pé ẹyọ kan náà ló kó afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́ àti èyí tó le mọ́ra:

```
Nu = 0.3 + 0.62 Re^(1/2) Pr^(1/3) / [1+(0.4/Pr)^(2/3)]^(1/4)
         × [1+(Re/282000)^(5/8)]^(4/5)
Re = V·D/ν      h = Nu·k/D
```

Nínú rẹ̀, ν ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn tó, k sì ń sọ bó ṣe ń gbé ooru kọjá tó. Ní dígírì 77, ν jẹ́ 20.9×10⁻⁶, k jẹ́ 0.030, Pr sì jẹ́ 0.70. Re wá di nǹkan bíi 5,975, Nu di 40.3, h sì di 48. Ooru tó ń lọ lára mítà kan jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 380. Žukauskas máa fún wa ní 413, Hilpert 348. Kí ìyàtọ̀ yìí má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: àwọn fọ́múlà wọ̀nyí lè fi ìdá márùn-ún kan ṣìnà, ẹni tó bá sì kọ ìdáhùn rẹ̀ dé wáàtì ẹyọ kan ń tan ara rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi dígírì 27 ṣe gbogbo ìṣirò 1977 náà, h rẹ̀ máa jẹ́ 49, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 48. Láti 27 dé 77, k fi ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ṣùgbọ́n ν náà ga, ó sì ń dín Re kù, ni ọ̀kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì rẹ́. Àṣìṣe tó ń dunni ni pípa wọ́n pọ̀: kí a mú ν ní 27, kí a wá mú k ní 77. h máa fò dé 56. Ó dà bí ẹni tó fi kóńgò ọjà kan wọn ẹ̀wà, tó wá fi iye owó kóńgò ọjà mìíràn ṣírò. Bí h tí a rí bá fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti fọ́múlà yòókù lọ, ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà mìíràn, agbára iná ni a mọ̀, a ò mọ ìgbóná ara páìpù. Ká ní wáyà iná inú páìpù kan náà ń fún mítà kan ní wáàtì 300. Ẹ fojú bu 127, kí ẹ ṣírò h, kí ẹ wá fi h náà wá ìgbóná ara páìpù. Á bọ́ sí nǹkan bíi 106. Ẹ mú ìgbóná awọ tuntun, 66 àti díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì kò ní yí ìdáhùn padà tó nǹkan, nítorí ìdí tí a sọ lókè.

Ohun kan ṣẹ́kù tí fọ́múlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kà sí: ooru tí páìpù ń tàn jáde bí iná ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀. Bí páìpù sítíìmù wa bá dógùn-ún tàbí tí wọ́n kùn ún, èyí lè fi nǹkan bíi wáàtì 70 kún 380 náà, nítorí náà kí ẹni tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì ka mítà kan sí wáàtì 450.