Àbàwọ́n Labalábá Lójú: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin ẹni ọdún 26 kan jókòó sínú oòrùn níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, àbàwọ́n ti yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gba orí igi imú kọjá bí ìyẹ́ labalábá. Kẹ́míìsì ta ìpara fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àbàwọ́n náà kò lọ.

Ó lè jẹ́ lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń dojú ìjà kọ ara tí wọ́n ń ṣọ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe, pàápàá àwọn tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí. Oòrùn máa ń ba sẹ́ẹ̀lì awọ jẹ́, ohun inú rẹ̀ á tú síta, ara á sì kà á sí ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí ìjà tó hàn lójú fi lè dé oríkèé àti kíndìnrín.

Inú ìwé, pupa ni wọ́n máa ń yà á. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju ojú yòókù lọ tàbí kó rí bí àlùkò, kì í sì í tètè hàn. Ẹ wo ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Lúpọ́ọ̀sì sábà máa ń fo ibẹ̀, àmọ́ ìpẹ́pẹ́ olóràá máa ń wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá ń pa ìpara abóra, kó sọ fún dókítà láìfi bò, nítorí òun náà máa ń jẹ́ kí oòrùn jó ojú.

Ojú tó ta lẹ́ẹ̀kan, tó sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá lọ, tàbí tó ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá pa èèyàn, ó yẹ kí dókítà rí i. Bí oríkèé bá ń le láàárọ̀, tí egbò ń yọ lẹ́nu, tí irun ń já, tàbí tí ibà tí kì í ṣe ti ẹ̀fọn kò lọ, ẹ má fi àyẹ̀wò falẹ̀.

ANA ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Bí kò bá gbé nǹkan kan jáde, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ lúpọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó máa ń jáde lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan kò ṣe, nítorí náà èsì yẹn nìkan kò tó láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Obìnrin wa yìí ń ní ìrora ìka ọwọ́. ANA rẹ̀ jáde. Wọ́n wá ṣe anti-dsDNA, ìyẹn náà jáde, ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ sì kéré. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni dókítà fi pè é ní lúpọ́ọ̀sì, tó sì kọ oògùn haidirọ́síkílórókúìnì fún un.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò náà, wọ́n sì bá purotéènì níbẹ̀. Kò tíì dùn ún níbì kankan, nítorí lúpọ́ọ̀sì máa ń jẹ kíndìnrín láìsí ìrora. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń hó, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kó lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí àbàwọ́n yìí, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gba ìtọ̀ yín.