Ṣé o mọ̀? Ọwọ́ tó ń gbo ṣúwẹ́tà ló ń mú un súnkì

Omi gbígbóná nìkan kọ́ ló ń mú kí ṣúwẹ́tà onírun àgùntàn súnkì. Gbígbo tí a ń fi ọwọ́ gbo ó gan-an ló ń bà á jẹ́. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja. Ooru àti ọṣẹ líle, títí kan ọṣẹ dúdú tí a fi eérú sè, máa ń ṣí ìpẹ́ náà. Bí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ bá wá ń yí i, wọn a há mọ́ra wọn, wọn kì í sì í tú mọ́.

Bí o bá ra ṣúwẹ́tà òkìrìkà de ọyẹ́, fa fọ́nrán kan yọ, kí o fi iná kàn án. Òórùn irun tó jóná ni ti àgùntàn. Èyí tó bá yọ́ tó sì gan bíi rọ́bà, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Ti àgùntàn ni kí o rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò ju 30°C lọ, pẹ̀lú ṣampú ìfọrun fún ìṣẹ́jú 10. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má fún un. Ká a sínú táwẹ̀lì kí omi rẹ̀ gbẹ, kí o sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbòji: bí o bá sá a sórí okùn, omi inú rẹ̀ yóò fa apá rẹ̀ gùn.