Ìwádìí Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Iná Oòrùn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti olùkọ́ bá ń gbèrò láti fi iná oòrùn rọ́pò jẹnẹrétọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìwé ìwádìí ni ó yẹ kí ó wà níwájú wọn ná, èyí tí yóò fi iye iná tí wọ́n ń lò hàn, àti iye tí oòrùn lè fún wọn, owó tí yóò ná wọn, àti ewu tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní gílóòbù 60, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 10 fún wákàtí 4 lálẹ́. Fáànù 20 wà níbẹ̀ tí ń gba wáàtì 70 fún wákàtí 5 lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà 10 tí ń gba wáàtì 60 fún wákàtí 3, àti pọ́ǹpù kànga tí ń gba wáàtì 750 fún wákàtí 2. Ẹni tí ó bá ṣírò gbogbo rẹ̀ yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì 13 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná máa ń ṣòfò nínú ooru, eruku, wáyà àti ẹ̀rọ ínfátà. Nítorí náà páńẹ́lì gbọ́dọ̀ lè mú yúnìtì 17 wá.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí a bá ro ọdún pọ̀, oòrùn ilẹ̀ Yorùbá dà bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ oòrùn kíkún lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe ìṣirò yóò ra páńẹ́lì 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ó máa ń wá sílẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí mẹ́ta àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oṣù náà ni àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò ìparí ọdún. Páńẹ́lì 10 ni ìwádìí tòótọ́ yóò béèrè fún.

Bátìrì ni yóò gbé iná alẹ́ dúró. Èyí tí ó jẹ́ ti òjé kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tètè kú. Ti lítíọ́ọ̀mù ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún sílẹ̀ fún ìlò, ó sì ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n ju ti òjé lọ.

Ní ti owó, iye ọjà kì í dúró lójú kan. Nítorí náà kí ìgbìmọ̀ gba iye lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta. Fún àpẹẹrẹ nìkan, ká ní gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 8 náírà. Jẹnẹrétọ̀ tí ń mu lítà 8 lójúmọ́ fún ọjọ́ 190 yóò mu lítà 1,520 lọ́dún. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, tí àtúnṣe sì gba 200,000, owó rẹ̀ jẹ́ 1,720,000 náírà. Ṣùgbọ́n iná oòrùn náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: bí a bá ń fi 400,000 náírà pamọ́ lọ́dọọdún fún bátìrì mìíràn àti ìtọ́jú, èrè ọdún kan kù sí 1,320,000. Ó di nǹkan bí ọdún 6 kí owó àkọ́kọ́ tó padà. Ìwé tí kò bá ka owó bátìrì mìíràn sí ń tan ìlú jẹ.

Ewu àkọ́kọ́ ni òrùlé. Kí káfíńtà gun àjà, kí ó sì fi ọ̀bẹ gún igi. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́, kò sì lè gbé páńẹ́lì. Èkejì ni òjìji. Páńẹ́lì tí a so pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ máa ń rẹ̀wẹ̀sì papọ̀ bí òjìji igi máńgòrò bá bo ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà kí a lọ wo òrùlé náà ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni olè, èyí tí ó ń béèrè fún irin ìdè àti ọdẹ.

Ẹ̀kẹrin ni àṣìlò. Bí gbogbo ohun tí a kà sókè yìí bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn kò ju wáàtì 3,350 lọ, ínfátà tí ó jẹ́ wáàtì 5,000 yóò sì gbé wọn. Bí olùkọ́ kan bá wá fi kẹ́tùlù wáàtì 2,000 sí i, ẹrù ti ju agbára rẹ̀ lọ, iná yóò sì kú. Bí iná bá ń kú ní alaalẹ́ ṣáájú àkókò, kí a kọ́kọ́ wá irú ohun bẹ́ẹ̀ kí a tó dá bátìrì lẹ́bi.

Bí owó tàbí òrùlé kò bá gbà, ìwé ìwádìí lè dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù àti kọ̀ǹpútà nìkan, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iná gbogbo, kí fáànù àti pọ́ǹpù sì tẹ̀lé e bí owó bá wá.