Lẹ́yìn Iléyá, Ta Ló Kù Lórí Ìkànnì?

Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ń kọ nípa oúnjẹ lórí ayélujára máa ń rò pé òun ti là. Àwọn èèyàn ń wá iye tí àgbò ń lọ, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe àsun, wọ́n ń wọlé wìtìwìtì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún, ìkànnì náà á dákẹ́ bí ọjà tó ti tú. Mo ti rí ẹni tó pa ìkànnì rẹ̀ tì nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí, ó sì dùn mí, torí pé ọdún ló parí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ká ní ìyá kan wà ní Ìbàdàn tó ń kọ nípa ìdáná. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa owó àgbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn 9,000 kà á, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó tún yà síbẹ̀. Ìyá yìí kan náà ti kọ òmíràn nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹran láìsí fíríìjì. Ìyẹn ò pariwo rárá, èèyàn 25 péré ló ń kà á lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 25 lójúmọ́, fún ọjọ́ 365, jẹ́ 9,125. Èyí tí kò sẹ́ni tó kíyè sí ti kọjá èyí tó gba ìgboro kan, ọdún tó ń bọ̀ yóò sì tún bá a lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìyá náà bá ní irú rẹ̀ mẹ́wàá, èèyàn 250 á ṣì máa wọlé lójúmọ́ nínú oṣù tó bá gbẹ jù. Iye yẹn ni mo ń pè ní ilẹ̀ ìkànnì. Ọ̀rọ̀ àsìkò lè gbéni sókè, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí ilẹ̀ yìí ni yóò bọ́ sí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kankan ló máa ń ṣubú dé òdo.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ àsìkò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ gbogbo ìgbà? Kì í ṣe àfọkànrò. Ẹ ṣí Google Trends, ẹ mú Nàìjíríà, ẹ mú ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí ẹ bá tẹ `Eid al-Adha`, ẹ ó rí òkè ṣóńṣó kan lọ́dọọdún, àárín wọn á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá tẹ `egusi soup`, ìlà náà á máa lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà 100 tí ẹ ó rí níbẹ̀. Kì í ṣe iye èèyàn. Ó kàn ń tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà jù láàárín àkókò tí ẹ yàn ni. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn díẹ̀ ń wá lè dé 100 bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń wá. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá tẹ `ram`, àwọn tó ń wá ibi ìrántí kọ̀ǹpútà á dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wá àgbò.

Irú kẹta wà, ìyẹn ìjà àwọn gbajúmọ̀ tàbí ijó tó gbòde lọ́sẹ̀ kan. Òkè kan ṣoṣo ló ń ní, kì í sì í padà wá. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju wákàtí kan lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti ìṣubú fúnra rẹ̀, ó yẹ kí ìyá wa mọ irú èyí tó ń rí. Google Search Console, tí oníkànnì ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fi Impressions hàn án, ìyẹn iye ìgbà tí ojúewé rẹ̀ yọjú sí ẹni tó ń wá nǹkan, àti Clicks, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé, àti Average position, ipò tó wà nínú èsì. Bí méjì àkọ́kọ́ bá jọ wálẹ̀, tí ipò rẹ̀ kò yẹ̀, àwọn èèyàn ni kò wá ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sì sí ohun tó fẹ́ tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ipò rẹ̀ bá kúrò ní 3 tó di 11, ẹlòmíràn ló ti kọ èyí tó dára ju tirẹ̀ lọ, tàbí kí tirẹ̀ ti gbó. Ìyẹn ló ń fẹ́ ìtọ́jú.

Kò sì gbọdọ̀ fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá. Èṣí ni kó fi wé, kó sì ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ Iléyá, kì í ṣe láti ara kàlẹ́ńdà ògiri. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ó bọ́ sí ọjọ́ 16 ní 2024, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 ní 2025, torí pé ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí tiwa. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà 2025 wé ti 2024 á ké pé òun ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ọdún kan ti kọjá lọ, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Oṣù 16 péré ni Search Console máa ń tọ́jú nǹkan mọ, nítorí náà kó ní ìwé tó ń kọ ọ́ sí.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni àdírẹ́sì ojúewé. Ọ̀pọ̀ ń kọ `/owo-agbo-2024`, wọ́n á tún kọ `/owo-agbo-2025`. Lọ́dọọdún, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àwọn líǹkì tí àwọn ìkànnì mìíràn ti fún ti èṣí kò sì ran ti ọdún yìí lọ́wọ́. `/owo-agbo` tó. Ọdún á wà nínú àkọlé àti nínú ọ̀rọ̀, a ó sì máa yí i padà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ò ní yí. Bí Iléyá bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ìyá wa ti fi owó tuntun sí i, kí Google lè rí i kí èrò tó dé. Kó fi owó tuntun sí i lóòótọ́ o. Ẹni tó kàn yí ọdún inú àkọlé padà, tó fi owó èṣí sílẹ̀, ẹni tó bá wọlé á jáde kíá.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀nà láàárín méjèèjì. Ẹni tó wá owó àgbò lónìí ló máa ní ẹran tó pọ̀ jù nílé lọ́la, iná ìjọba sì lè lọ. Ìsàlẹ̀ ìpínrọ̀ tó ń sọ nípa títóbi àgbò ló yẹ kí líǹkì sí ojúewé títọ́jú ẹran wà, kì í ṣe ní ìparí tí ọ̀pọ̀ kì í dé. Díẹ̀ nínú èèyàn 9,000 yẹn á gba ibẹ̀ kọjá, díẹ̀ nínú wọn á sì tún padà wá nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí kò sí ọdún kankan. Nítorí náà, èmi kì í fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ àsìkò jáde láìkọ́kọ́ ní ojúewé gbogbo ìgbà méjì tí yóò dárí èèyàn sí.

Ọ̀rọ̀ gbogbo ìgbà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan kó tó gòkè nínú èsì, torí náà ìgbà tí ìkànnì dákẹ́ ló yẹ kí a kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí èrò ń wọ́. Owó sì ni kòkòrò rẹ̀. Bí ìyá wa bá kọ iye tí gáàsì ń lọ sínú ojúewé títọ́jú ẹran, láàárín oṣù díẹ̀ ni èèyàn á mọ̀ pé ó ti gbó. Kó fi gbogbo owó sí ojúewé àsìkò, níbi tó ti mọ̀ pé òun yóò padà wá.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, nígbà tí ìyá wa bá jókòó sí ìdákẹ́jẹ́ náà, kó má pa ojúewé owó àgbò rẹ́. Kó kọ ọ́ sókè pé owó ọdún yìí nìyí, kó gbé líǹkì títọ́jú ẹran lọ sí òkè pátápátá, kó kọ iye èèyàn tó wọlé lọ́sẹ̀ náà sínú ìwé rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ ojúewé tuntun nípa bí a ṣe ń sá ẹran gbẹ.